Lọ́ọ̀tì Mélòó Ni Kí N Fi Wọ Tíréèdì Yìí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe fọ́rẹ́sì máa ń bi mí jù lọ ni pé báwo ni wọn ò ṣe ní jẹ́ kí tíréèdì kan ṣoṣo gbé owó wọn lọ. Mo ti kó irú àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ síbí. Àkáǹtì $500 lórí MetaTrader ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, torí pé irú iye bẹ́ẹ̀ ló ń yọ àwa tí owó wa ò pọ̀ lẹ́nu.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀: iye lọ́ọ̀tì ni, àbí ibi tí mo máa jáde?

Ibi tí ẹ máa jáde ni. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì. Wọ́n á ti ní "0.10 lèmi máa ń lò", wọ́n á tẹ Buy, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n máa gbé sítọ́ọ̀pù sí, ìyẹn àṣẹ pé kí búrókà pa tíréèdì náà dé bí òfò bá dé ibì kan. Bí wọ́n bá rí i pé ibi tó yẹ jìn, tí owó tí wọ́n lè pàdánù sì ń dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n á fa sítọ́ọ̀pù náà súnmọ́ tòsí. Ọjà ò sì mọ iye tó wà lápò ẹnikẹ́ni. Á kàn fọwọ́ kan sítọ́ọ̀pù yẹn, á lé wọn jáde, á wá padà gba ọ̀nà tí wọ́n ti sọ pé ó máa gbà.

Bó ṣe tò rèé: ẹ kọ́kọ́ mọ iye owó tí ẹ lè pàdánù lórí tíréèdì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ṣáàtì, kí ẹ mọ ibi tí ọjà máa dé tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbà pé èrò yín ò tọ̀nà. Lọ́ọ̀tì, ìyẹn bí tíréèdì náà ṣe máa tóbi tó, ló kẹ́yìn. Ìṣirò ló máa sọ iye tó jẹ́ fún yín, bó sì ṣe sọ ọ́ náà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n kọ Volume sí.

Ẹ bá wa ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àkáǹtì jẹ́ $500. Ẹ ti pinnu pé 1% lẹ máa fi wewu lórí tíréèdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn $5. Ẹ wo EURUSD, ẹ rí i pé ọjà ti sọ̀ kalẹ̀ dé 1.0828 lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, tó sì gbéra níbẹ̀ nígbà méjèèjì. Ẹ fẹ́ rà á ní 1.0850. Bí ọjà bá já 1.0828 kọjá, kò sídìí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú tíréèdì náà mọ́, nítorí náà ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé sítọ́ọ̀pù sí 1.0825.

Lórí EURUSD, 0.0001 ni píìpù kan, nítorí náà láti 1.0850 dé 1.0825 jẹ́ píìpù 25. Bí $5 bá máa kárí píìpù 25, píìpù kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju $0.20 lọ. Lórí EURUSD, lọ́ọ̀tì 0.01 jẹ́ 1,000 yúrò, píìpù kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ $0.10. Á jẹ́ pé 0.02 lẹ máa fi wọlé.

```
lot = (Balance × 0.01) ÷ (pips × iye píìpù kan lórí 1.00 lot)
lot = (500 × 0.01) ÷ (25 × 10) = 0.02
```

Bí ìṣirò bá mú 0.027 jáde, 0.02 ni kí ẹ lò, ẹ má sọ ọ́ di 0.03. Lórí àkáǹtì kékeré, 0.01 kan ṣoṣo tí ẹ fi kún un lè sọ 1% di 1.5%.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà níbí. Ọ̀pọ̀ búrókà ló ń kọ iye EURUSD pẹ̀lú nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn àmì ìdá, bíi 1.08500. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn jẹ́ ìdá mẹ́wàá píìpù. Bí ẹ bá fi Crosshair wọn àlàfo náà lórí kọ̀ǹpútà, 250 lẹ máa rí, píìpù 25 náà ni. Ẹni tó bá rí 25 lójú Crosshair, tó wá kà á sí píìpù 25, píìpù méjì ààbọ̀ ni sítọ́ọ̀pù rẹ̀ jìnnà sí ibi tó ti wọlé, kò sì ní pẹ́ tó fi máa jáde.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 1%? Ó kéré jù.

Ẹni tó bá ní $500 máa ń wo $5 bí owó yẹ̀yẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ má wo tíréèdì kan, mẹ́wàá tó tẹ̀ léra wọn tí wọ́n sì jẹ́ òfò ni kí ẹ wò. Pẹ̀lú 1%, $500 yín á di nǹkan bíi $452. Kí ẹ tó lè padà sí $500, ẹ nílò èrè tí kò tó 11%. Pẹ̀lú 10%, òfò mẹ́wàá yẹn á sọ $500 di nǹkan bíi $174, èrè tí ẹ máa nílò kí ẹ tó padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ á sì ju 180% lọ. Òfò mẹ́wàá kan náà ni méjèèjì o, ọgbọ́n tí ẹ fi wọ ọjà náà ò yàtọ̀.

Ẹ lè ní kò sí bí èèyàn ṣe máa pàdánù léraléra bẹ́ẹ̀. Bí ọgbọ́n yín bá ń jèrè lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, tíréèdì mẹ́fà èyíkéyìí tó tẹ̀ léra wọn ní ìdá kan nínú 64 láti jẹ́ òfò látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tíréèdì 200, ó ṣeé ṣe kó bá irú ẹ̀ pàdé ju kó má bá a pàdé lọ. Nígbà tó bá sì dé, kò ní kọ́kọ́ ránṣẹ́.

Ní tèmi, 1% ló dáa fún ẹni tí kò tíì ní àkọsílẹ̀ tíréèdì tó pọ̀. Àwọn kan ń lo 2%, mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá sọ 5% fún mi, mo máa ń bi í léèrè òfò tó pọ̀ jù lọ tó ti tẹ̀ léra rí fún un. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò kà á rí.

Tí sítọ́ọ̀pù mi bá jìn ńkọ́? Ṣé òfò mi ò ní pọ̀ sí i?

Rárá, lọ́ọ̀tì ló máa dín kù. Ká ní ṣáàtì wákàtí mẹ́rin mẹ́rin lẹ wò, tí sítọ́ọ̀pù sì wà ní píìpù 50. $5 pín sí 50 jẹ́ $0.10 fún píìpù kan, ìyẹn 0.01. Bí ẹ bá pàdánù, $5 náà ni. Torí ẹ̀ ni kò fi tọ̀nà kéèyàn ní lọ́ọ̀tì kan tó ń lò nígbà gbogbo. Ẹni tó ń lo 0.02 lójoojúmọ́ ń pàdánù $3 lónìí pẹ̀lú sítọ́ọ̀pù píìpù 15, ó ń pàdánù $12 lọ́la pẹ̀lú ti píìpù 60. Tíréèdì tó máa bọ́ sí ọjọ́ tí sítọ́ọ̀pù jìn ló máa jẹ gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ náà.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ ti wọlé tán pẹ̀lú sítọ́ọ̀pù píìpù 25, kí ẹ wá máa sún un lọ sísàlẹ̀ nígbà tí ọjà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Píìpù 25 la fi ṣírò 0.02 yẹn. Bí ẹ bá sún un dé 50, ẹ ti sọ $5 di $10 láìbi ara yín léèrè.

Góòlù ni mo fẹ́ràn. Ṣé ìṣirò kan náà ni?

Ìṣirò kan náà ni, àmọ́ góòlù ni ibi tí àkáǹtì kékeré ti ń rí ìyà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ búrókà, lọ́ọ̀tì kan odidi ti XAUUSD jẹ́ áúǹsì 100, nítorí náà 0.01 jẹ́ áúǹsì kan. Bí góòlù bá rìn dọ́là kan, dọ́là kan ni 0.01 yín jèrè tàbí pàdánù. (Ẹ yẹ ti búrókà yín wò kí ẹ má baà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán: nínú Market Watch, ẹ tẹ XAUUSD, ẹ ṣí Specification, kí ẹ wo Contract size.)

Góòlù kì í rìn jẹ́jẹ́. Ká ní sítọ́ọ̀pù tó bá ṣáàtì mu wà ní $12 sí ibi tí ẹ ti wọlé. Pẹ̀lú 0.01, tí kò sí èyí tó tún kéré jù ú lọ níbẹ̀, $12 lẹ máa pàdánù. Nínú $500, 2.4% nìyẹn. Kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tó fi máa di 1%.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ní kí àwọn wá gbé sítọ́ọ̀pù sí $5. Mo ti sọ lókè ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Ohun tó kù ni pé kí ẹ fi tíréèdì náà sílẹ̀, tàbí kí ẹ dúró de ìgbà tí góòlù máa súnmọ́ ibi tí sítọ́ọ̀pù yẹ kó wà, kí àlàfo náà fi dín kù, tàbí kí ẹ lo àkáǹtì sẹ́ǹtì, níbi tí lọ́ọ̀tì sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú 100 ti àkáǹtì gidi. Ẹ lè yí ìṣirò náà padà pẹ̀lú: $12 máa jẹ́ 1% nínú àkáǹtì $1,200. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀, tíréèdì yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

USDJPY ńkọ́?

Níbẹ̀, iye píìpù kan máa ń jáde ní yẹ́ẹ̀nì, ẹ sì ní láti sọ ọ́ di dọ́là. Lọ́ọ̀tì 0.01 ń jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 10 lórí píìpù kan. Bí dọ́là kan bá jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 150, yẹ́ẹ̀nì 10 á jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 6.7. Pẹ̀lú $5 àti sítọ́ọ̀pù píìpù 25, 0.03 lẹ máa rí, kì í ṣe 0.02 bíi ti EURUSD. Ẹni tó bá ń fi iye kan náà wọ gbogbo ọjà ò mọ̀ pé iye tí òun ń fi wewu ń yí padà bí òun ṣe ń ti orí ọjà kan bọ́ sórí òmíràn.

Búrókà mi fún mi ní lẹ́fẹ́réèjì 1:500. Ṣé ìyẹn ò mú kí ewu mi pọ̀ sí i?

Kò kan iye tí ẹ máa pàdánù, bí ẹ bá ti fi sítọ́ọ̀pù ṣírò lọ́ọ̀tì yín. Lẹ́fẹ́réèjì ń sọ iye tí búrókà máa dì mú lọ́wọ́ yín nígbà tí tíréèdì bá wà ní ṣíṣí. 0.02 tiwa jẹ́ 2,000 yúrò, ìyẹn $2,170 ní 1.0850. Pẹ̀lú 1:500, búrókà á di $4.34 mú. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ́nù, tí òfin ibẹ̀ ò gbà kí búrókà fún aráàlú lásán ju 1:30 lọ lórí irú EURUSD, á rí i pé nǹkan bíi $72 ló dì mú. Bí ọjà bá kan 1.0825, $5 làwọn méjèèjì máa pàdánù.

Ibi tí 1:500 ti ń ṣèpalára ni pé ó ń jẹ́ kí Free Margin, ìyẹn owó tí búrókà ò tíì dì mú, dà bíi pé owó rẹpẹtẹ wà nílẹ̀. Pẹ̀lú $500 yẹn, èèyàn lè ṣí lọ́ọ̀tì kan odidi kí búrókà má sì sọ nǹkan kan. Lórí lọ́ọ̀tì kan odidi, píìpù 25 jẹ́ $250.

Mo ṣe gbogbo èyí, àmọ́ òfò mi ju 1% lọ. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo súpírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín iye Ask àti Bid. Iye Ask la fi ń ra nǹkan, ti Bid la fi ń tà á, ṣáàtì MetaTrader sì sábà máa ń fi Bid nìkan hàn. Bí ẹ bá rà, sítọ́ọ̀pù yín á dúró de Bid, ohun tí ẹ rí lórí ṣáàtì ló máa ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá tà, Ask ló máa mú sítọ́ọ̀pù yín. Ẹ lè rí i pé ọjà ò dé 1.0875 tí ẹ gbé sítọ́ọ̀pù sí, síbẹ̀ wọ́n ti lé yín jáde, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe búrókà lólè. Bid dé 1.0874, súpírẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ píìpù kan, Ask ti kan 1.0875 nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń tà, ẹ fi súpírẹ́ẹ̀dì kún sítọ́ọ̀pù, kí ẹ sì fi àlàfo tuntun yẹn ṣírò lọ́ọ̀tì.

Súpírẹ́ẹ̀dì kì í dúró sójú kan. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní New York, tó máa ń jẹ́ aago 10 tàbí 11 alẹ́ ní Nàìjíríà bí àsìkò Amẹ́ríkà bá ṣe rí, ló máa ń fẹ̀ jù. Mi ò kì í fi sítọ́ọ̀pù tó há sílẹ̀ sùn.

Ìkejì ni kọmíṣàn. Bí búrókà bá ń gba $7 lórí lọ́ọ̀tì kan, àlọ àtàbọ̀, 0.02 á san $0.14. Lórí $5, kò tó nǹkan, àmọ́ ẹni tí sítọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ píìpù márùn-ún ń fi lọ́ọ̀tì ńlá wọlé, kọmíṣàn á sì di owó gidi.

Mo ra EURUSD pẹ̀lú 1%, mo ra GBPUSD náà pẹ̀lú 1%. Ewu 1% ni mo ṣì gbé, àbí?

Ó súnmọ́ 2%. Rírà méjèèjì jẹ́ pé ẹ ń sọ pé dọ́là máa rẹlẹ̀. Bí ìròyìn iye iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde ní ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù bá gbé dọ́là sókè, àwọn sítọ́ọ̀pù méjèèjì lè lọ láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ wọ méjèèjì, ẹ pín 1% náà sí méjì. Nínú àkáǹtì $500, $2.50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má gba 0.01 pàápàá tí sítọ́ọ̀pù bá ju píìpù 25 lọ, nítorí náà ẹ mú èyí tí ṣáàtì rẹ̀ mọ́ jù, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Kí ẹ sì ní iye kan tí àpapọ̀ ewu gbogbo tíréèdì tó wà ní ṣíṣí ò gbọdọ̀ kọjá. 3% ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí.

Ṣé sítọ́ọ̀pù lè kùnà?

Ó lè kùnà. Àṣẹ ló jẹ́ pé kí búrókà pa tíréèdì dé ní iye tó bá tún wà nílẹ̀ nígbà tí ọjà bá kan ibẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ rà níbẹ̀, ibi tó bá kàn ni wọ́n máa pa á dé.

Ọjọ́ tí gbogbo àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ń rántí ni 15 oṣù kìíní ọdún 2015. Láti oṣù kẹsàn-án 2011 ni báńkì àpapọ̀ Switzerland ti ní àwọn ò ní jẹ́ kí yúrò kan rẹlẹ̀ ju fráǹkì 1.20 lọ. Àwọn tírédà gbà wọ́n gbọ́, wọ́n ń ra EURCHF díẹ̀ lókè 1.20 bíi pé ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, báńkì náà yọwọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yúrò kan ti rẹlẹ̀ ju fráǹkì kan lọ. Ká ní ẹnì kan ra 0.02 ní 1.2000, tó gbé sítọ́ọ̀pù sí 1.1950: fráǹkì 10 ló rò pé òun lè pàdánù. Bí búrókà bá rí ibi pa á dé ní 1.0500, fráǹkì 300 ló lọ. Àwọn tó gbé lọ́ọ̀tì ńlá jẹ búrókà ní gbèsè, àwọn búrókà kan ò sì lè dìde mọ́. Alpari UK kọgbá wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àmọ́ irú rẹ̀ kékeré máa ń wà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọjà bá ṣí ní ibòmíràn sí ibi tó ti pa dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tíréèdì kọjá òpin ọ̀sẹ̀, kó fi ìdajì lọ́ọ̀tì tí ìṣirò sọ gbé e.

Lẹ́yìn òfò, ṣé kí n ṣe ìlọ́po méjì kí n lè gba owó mi padà?

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1%, lẹ́yìn náà 2, 4, 8, 16, 32. Òfò mẹ́fà, 63% nínú owó tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ti lọ. Ti keje máa bèèrè 64%, 37% ló sì kù. Lókè, mo ti sọ bí òfò mẹ́fà tó tẹ̀ léra ṣe wọ́pọ̀ tó.

Balance ni kí n fi ṣírò 1%, àbí Equity?

Èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Bí tíréèdì kan bá ti wà nínú òfò $20, Balance á ṣì máa sọ $500, $480 sì lẹ ní lóòótọ́. Ẹ tún un ṣírò kí ẹ tó wọ tíréèdì kọ̀ọ̀kan. Lórí àkáǹtì wa, 1% ti $480 jẹ́ $4.80, pẹ̀lú píìpù 25 ìyẹn sì ti sọ 0.02 di 0.01, torí pé a kì í yí i sókè. Ó máa ń dun àwọn èèyàn pé àkáǹtì kékeré ń fò láti 0.02 sí 0.01 bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbáyọ àyàfi kí owó pọ̀ sí i tàbí kí ẹ lọ sórí àkáǹtì sẹ́ǹtì.

Ṣé mo lè lò ó fún ṣíà ní ọjà Nàìjíríà?

Ẹ lè lò ó. Ẹ ní ₦400,000, 1% jẹ́ ₦4,000. Ẹ fẹ́ ra ṣíà kan ní ₦25, ẹ sì máa jáde bó bá dé ₦22.50. ₦2.50 ni àlàfo náà, nítorí náà ẹ ra 1,600, tó jẹ́ ₦40,000. Ẹ kíyè sí i pé ìdá mẹ́wàá owó yín lẹ fi ra ṣíà náà kí 1% tó lè jẹ́ ohun tó wà nínú ewu, kí ẹ sì yọ owó búrókà àti owó ìjọba kúrò níbẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òfin ọjà náà ò gbà kí ṣíà rẹlẹ̀ ju 10% lọ lóòjọ́. Ọjọ́ tí ìròyìn burúkú bá dé, á rẹlẹ̀ 10% láàárọ̀, gbogbo èèyàn á máa tà, kò ní sí ẹni tó ń rà, ẹ ò sì ní rí jáde ní ₦22.50. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta. Ẹ fi 20% ṣírò àlàfo yín dípò 10%: ₦5 lórí ṣíà ₦25, 800 ṣíà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mò ń ṣe é bó ṣe yẹ?

Ẹ ṣí History lẹ́yìn tíréèdì 20. Ẹ mú òfò kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in sí iye tí àkáǹtì jẹ́ kí tíréèdì yẹn tó ṣí, ẹ kọ ìdá tó jẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 0.8% sí 1.1%. Èyí tó bá kéré jùyẹn lọ dáadáa, ẹ̀yin lẹ tètè fọwọ́ pa á dé, tàbí ẹ yí lọ́ọ̀tì rẹ̀ sísàlẹ̀ jù. Èyí tó bá wà ní 1.6% tàbí 2%, ẹ wá a: bó bá jẹ́ pé súpírẹ́ẹ̀dì ló fà á, aago tí tíréèdì náà pa dé ló máa sọ. Bí aago náà ò bá jọ mọ́ súpírẹ́ẹ̀dì, ẹ wo iye tó wà níbi Stop Loss, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé.